Kí olùdánwò tó bi yín: bí a ṣe ń múra àwọn ìbéèrè líle sílẹ̀ fún fáífà oyè ọ̀mọ̀wé

Ìbéèrè tó ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú nínú fáífà kì í sábà jẹ́ èyí tó já bọ́ láti ọ̀run. Inú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ti máa ń jáde. Olùdánwò ti gba iṣẹ́ yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ó kà á tòun ti bírò lọ́wọ́, gbogbo ibi tí ẹ bá sì ti ṣe ìpinnu láìsọ ìdí rẹ̀ ló fàlà sí. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹ ṣe lè fa àwọn ìlà yẹn fúnra yín, kí ẹ sì ti ní ohun tí ẹ máa sọ nípa wọn kí ọjọ́ tó pé. Orí ìlànà ìwádìí àti tíọ́rì nìkan la máa dúró sí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó dáa ti máa ń mì.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa wà lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ìwádìí lórí ìdí tí àwọn oníṣòwò fi ń gba owó nípa tíransífà lórí fóònù ní ọjà mẹ́rin n'Ílùú Ìbàdàn: Bódìjà, Gbági, Alẹ́ṣinlọ́yẹ́ àti Ọjà Ọba. Ó gba orúkọ oníṣòwò 8,000 lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ó fún 381 nínú wọn ní ìwé ìbéèrè, ó sì fọ̀rọ̀ wá àwọn 15 mìíràn lẹ́nu wò. Tíọ́rì ìtẹ́wọ́gbà ìmọ̀-ẹ̀rọ tí Fred Davis gbé jáde ní 1989 ló fi ṣe òpómúléró. Iṣẹ́ tó mọ́gbọ́n dání ni, irú rẹ̀ sì pọ̀ ní àwọn yunifásítì wa. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n á ti fi ìbéèrè há a mọ́ igun.

Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ìpinnu yín jọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ẹ tẹ orí tí tíọ́rì wà àti orí ìlànà ìwádìí jáde sórí bébà, torí ojú kì í tètè rí àbùkù nínú ohun tó ti ń wò lójú kọ̀ǹpútà láti ọdún mẹ́ta. Ẹ mú bírò pupa, kí ẹ sì fàlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó ní “a yàn”, “a lò”, “a fi mọ sí”, “a yọ kúrò”, “a pín sí”. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìpinnu. Iye ọjà jẹ́ ìpinnu, oṣù tí ẹ lọ sí ọjà jẹ́ ìpinnu, èdè tí ẹ fi kọ ìwé ìbéèrè náà sì jẹ́ ìpinnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ronú nípa rẹ̀ nígbà náà.

Fún ìpinnu kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé àjákọ, kí ẹ sì dáhùn ohun márùn-ún: kí ni mo yàn? Kí ni ǹ bá yàn dípò rẹ̀? Kí ló dé tí mo fi yàn án? Kí ni yíyàn yẹn ná mi? Kí ni mo ṣe láti dín ìpàdánù yẹn kù? Ìbéèrè kejì àti ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè dáhùn, àwọn gan-an sì ni olùdánwò máa bi yín. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ọ̀nà mìíràn tó wà nílẹ̀ kò tíì yan ohunkóhun, ohun tó bá lójú ọ̀nà ló gbé.

Ojú ewé wọ̀nyẹn á tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kí ẹ fi bákan náà ṣe wàhálà lé lórí. Ẹ bi ara yín pé: bí ìpinnu yìí bá wó, ṣé àbájáde iṣẹ́ mi á bá a wó? Àwọn tí ìdáhùn wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi àmì sí wọn. Nínú iṣẹ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù: iye ènìyàn 381 yẹn, tíọ́rì Davis, àti àwọn 15 tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Ibo lẹ ti rí 381?

Ìbéèrè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, torí pé orí ìṣirò Taro Yamane ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ gbé e kà:

```
n = N / (1 + N × e²)
n = 8000 / (1 + 8000 × 0.05²) = 8000 / 21 = 381
```

`N` ni iye gbogbo oníṣòwò tó wà lákọsílẹ̀, `e` ni àlàfo àṣìṣe, `n` sì ni iye ènìyàn tí a máa mú. Akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn pé, “Ìṣirò Yamane ni mo lò.” Orúkọ irinṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìdí. Olùdánwò tó mọṣẹ́ á béèrè pé: kí ni ìṣirò náà gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ kó tó fún yín ní 381? Ẹ mọ ohun mẹ́ta dájú. Èkínní, ìṣirò náà wà fún ìgbà tí a bá fẹ́ mọ ìdá àwọn tó ń ṣe nǹkan kan, bí àpẹẹrẹ, ìdá oníṣòwò tó ń gba tíransífà, tí a sì fẹ́ kí àlàfo àṣìṣe má ju 5 nínú 100 lọ. Èkejì, ó gbà pé gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú iṣẹ́, bí ẹni ṣẹ́ gègé. Ẹ̀kẹta, ó gbà pé ìdajì àwọn ènìyàn ń ṣe nǹkan ọ̀hún, ìdajì kò ṣe é. Ibi tí ó nílò ènìyàn púpọ̀ jù lọ nìyẹn, nítorí náà ìyẹn kò léwu.

Ẹ̀kejì ni gbẹ̀dẹ̀ ti máa ń di ríro. Wọ́n á bi yín pé: àwọn ọjà mẹ́rin wọ̀nyẹn, ṣé ìsọ̀rí ni àbí agbo? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, bí àbájáde yín bá fi ara rẹ̀ mọ sí ọjà mẹ́rin náà, tí ẹ sì ṣẹ́ gègé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìsọ̀rí ni wọ́n, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ ní orí karùn-ún pé “àwọn oníṣòwò Ìbàdàn”, a jẹ́ pé inú ọ̀pọ̀ ọjà lẹ ti mú mẹ́rin, agbo ni wọ́n sì dà. Àwọn tó ń ta aṣọ ní Gbági jọ ara wọn ju bí wọ́n ṣe jọ àwọn tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà lọ: oníbàárà tó jọra, iye owó tó jọra, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lórí wọn. Nítorí náà, ẹni 95 láti inú ọjà kan kò tó ẹni 95 tí wọ́n fọ́n káàkiri ìlú.

A lè fi ìṣirò wo bí ìpàdánù náà ṣe tó:

```
deff = 1 + (m − 1) × ρ
deff = 1 + (95 − 1) × 0.02 = 2.88
381 / 2.88 ≈ 132
```

`deff` ni iye tí a máa fi pín 381, `m` ni iye ènìyàn nínú ọjà kan, `ρ` sì ni bí àwọn tó wà nínú ọjà kan náà ṣe jọra tó. A mú 0.02, èyí tó kéré gan-an, síbẹ̀ 381 wá ní agbára bíi 132 péré. Àlàfo àṣìṣe tí ẹ pè ní 5 nínú 100 á wá fẹ̀ tó nǹkan bíi 9. Kódà ìyẹn ṣì jẹ́ àánú, torí pé agbo mẹ́rin ti kéré jù láti mọ `ρ` fúnra rẹ̀ dáadáa.

Ṣé iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn? Rárá o, ibi tí ìmúrasílẹ̀ ti ń sanwó gan-an nìyí. Ẹ padà wo ohun tí ìbéèrè ìwádìí yín fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. Kì í ṣe ìdá àwọn tó ń gba tíransífà ni olórí ọ̀rọ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà ń wá ni ohun tó ń mú wọn gbà á, ìṣirò rígírẹ́ṣọ̀n ló sì fi wá a, pẹ̀lú ohun márùn-ún: ìwúlò, ìrọ̀rùn, ìgbẹ́kẹ̀lé, ọjọ́ orí àti ìwé kíkà. Iye ènìyàn tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ nílò kò sí lọ́wọ́ Yamane rárá. Bí ẹ bá ṣí `G*Power`, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò iye ènìyàn tí ìwádìí nílò, tí ẹ mú ipa tó wà láàárín (`f² = 0.15`), `α = 0.05` àti agbára `0.80`, ohun tó máa fún yín fún ohun márùn-ún ni ènìyàn 92. 132 ju 92 lọ. Ìdáhùn yín á wá lọ báyìí: “Yamane ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdá ló wà fún. Fún rígírẹ́ṣọ̀n tí mo ṣe, 92 ló tó. Kódà bí a bá yọ jíjọra àwọn ará ọjà kan náà kúrò, ó ṣì ku bíi 132. Ohun tí kò gbé ni ipa tó bá kéré gan-an, àti pé n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún gbogbo Ìbàdàn. Mo ti kọ ọ́ sí ojú ewé báyìí.” Ìdáhùn tó mọ ibi tí agbára iṣẹ́ mọ máa ń jẹ́ kí olùdánwò ṣí ewé tó kàn.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í gbàgbé: àwọn tí kò dá ìwé padà. Bí ẹ bá pín 381 tí 340 padà wá, ẹ mọ ọjà tí àwọn 41 yẹn ti wá. Bí púpọ̀ nínú wọn bá jẹ́ aláte tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ tó ṣeé ṣe kó má gba tíransífà lẹ pàdánù, kì í ṣe ìwé lásán.

Álífà tó ga jù

Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn, ṣùgbọ́n ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn láàgùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé álífà Cronbach ìwé ìbéèrè òun, ìyẹn ìwọ̀n bí àwọn ìbéèrè ṣe bára mu tó, jẹ́ 0.88, ó sì ju 0.70 lọ, nítorí náà ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Olùdánwò á ní: “Álífà èwo? Ti gbogbo ìwé àbí ti ohun kọ̀ọ̀kan?” Bí ẹ bá da ìbéèrè 30 pọ̀ tí ẹ ṣírò ẹyọ álífà kan, iye ìbéèrè nìkan lè gbé e ga. Ẹ wò ó: bí ìbáṣepọ̀ láàárín ìbéèrè méjì-méjì bá jẹ́ 0.2 péré, èyí tí kò lágbára, ìbéèrè 30 á fún yín ní 0.88, ìbéèrè 5 sì máa fún yín ní 0.56. Ohun kan náà ni, iye ìbéèrè ló yàtọ̀. Torí náà, kí ọjọ́ tó pé, ẹ ṣírò álífà ìwúlò lọ́tọ̀, ti ìrọ̀rùn lọ́tọ̀, ti ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́tọ̀, kí ẹ sì mú wọn dání sínú yàrá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kéré, ẹ wá ìbéèrè tó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí wọ́n fi “kò” sí nínú ni, tí ẹni tó ń tẹ dátà gbàgbé láti yí i padà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ tíọ́rì yìí?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù, ẹ fún un ní odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń tẹ̀ léra wọn, ìkẹta ló sì le jù.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ló dé tí ẹ ò fi mú òmíràn. Tíọ́rì Davis sọ pé ohun méjì ló ń mú ènìyàn gba ìmọ̀-ẹ̀rọ tuntun: bó ṣe gbà pé ó wúlò tó, àti bó ṣe gbà pé ó rọrùn tó. Ní 2003, Venkatesh àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí Davis fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, gbé tíọ́rì tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ jáde. Ó fi ipa àwọn ènìyàn tó yí wa ká kún un, ó sì fi àwọn ohun èlò tó wà nílẹ̀ kún un. Nínú ọjà tí ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ ti lágbára lórí ọmọ ẹgbẹ́, tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń lọ tó ń bọ̀, olùdánwò á fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi fi tíọ́rì 2003 yìí sílẹ̀. “Torí pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti lò ó” kì í ṣe ìdáhùn. “Alábòójútó mi ló ní kí n lò ó” burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń sọ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tiyín. Ohun tó lè jẹ́ ìdáhùn ni pé: “Mo fẹ́ mọ bí ohun méjì péré ṣe lè gbé wa jìnnà tó nínú ọjà, kí n lè fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wá ohun tó ṣẹ́ kù.” Bí ẹ bá máa sọ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ nínú ìwé náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbà pé tíọ́rì 2003 ì bá mú ipa ẹgbẹ́ ọlọ́jà ṣe kedere, kí ẹ sì fi ohun tí àwọn 15 sọ nípa ẹgbẹ́ hàn.

Èkejì ni ohun tí tíọ́rì náà kò lè rí. Àwọn tí Davis bá ṣiṣẹ́ nígbà náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso òwò ní Boston, tí wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa sá gbé ọjà lọ láìsanwó nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní Bódìjà, ìbẹ̀rù àláàtì èké ni ọ̀rọ̀: oníbàárà fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn, ó gbé àpò ìrẹsì sọ́kọ̀, owó kò sì wọlé títí alẹ́. Ẹni náà mọ̀ pé tíransífà wúlò, ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa, síbẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ti fi ìgbẹ́kẹ̀lé kún un, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ó múra sílẹ̀ fún èyí tó máa tẹ̀ lé e: “Nígbà tí ẹ fi ìgbẹ́kẹ̀lé kún un, ṣé tíọ́rì Davis náà ló ṣì jẹ́? Ibo lẹ ti rí i? Kí ló dé tí ẹ fi gbé e síbi tó wà nínú àwòrán yín?” Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún gbogbo ọfà tó wà nínú àwòrán náà. Ọfà tí ẹ kò bá lè sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì, òun gan-an ni wọ́n máa fi ìka tọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí ẹ gba dátà. Ká sọ pé oṣù kejì sí ìkẹta ọdún 2023 ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ sí ọjà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Báǹkì àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹwàá 2022 pé wọ́n máa pààrọ̀ owó náírà, nígbà tó sì fi máa di ìparí oṣù kìn-ín-ní 2023, owó tútù ti di wíwá ti, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná àwọn tàtijọ́. Tíọ́rì tó ń sọ nípa ìtẹ́wọ́gbà gbà pé ènìyàn lè kọ̀. Ẹni tí kò bá gba tíransífà ní oṣù kejì yẹn kò tajà. Nítorí náà, nígbà tí oníṣòwò fi àmì sí “ó wúlò gan-an”, ṣé ìwúlò ló ń sọ, àbí àìrí òmíràn ṣe?

Ìbéèrè yìí lè wó iṣẹ́ náà bí ó bá bá yín lójijì. Bí ẹ bá ti rí i tẹ́lẹ̀, ó lè sọ iṣẹ́ náà di èyí tó dùn ún gbọ́ jù lọ nínú ọdún yẹn. Ẹ ṣí dátà yín, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn kan bá ti wà ṣáájú ọ̀wọ́n owó náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ya wọn sọ́tọ̀ kí ẹ sì wò ó bóyá ìbáṣepọ̀ láàárín ìwúlò àti lílò yàtọ̀. Bí gbogbo wọn bá bọ́ sínú ọ̀wọ́n, ẹ wo inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ṣé ẹnikẹ́ni sọ pé òun máa padà sí owó tútù bí ó bá wà? Bí kò bá sí ìyẹn náà, ẹ dín ohun tí ẹ ń sọ kù: ẹ má pè é ní ìtẹ́wọ́gbà mọ́, ẹ pè é ní lílò lábẹ́ ọ̀wọ́n. Tíọ́rì 2003 náà ti fi bóyá lílò jẹ́ àtinúwá tàbí dandan sí ara ohun tó lè yí ìbáṣepọ̀ padà, nítorí náà ẹ ní orí tí ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lé.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè fún tíọ́rì yín nílé. Ẹ yọ gbogbo ibi tí tíọ́rì wà ní orí kejì kúrò lọ́kàn, kí ẹ wá ka orí kẹrin. Ṣé gbólóhùn kankan nínú rẹ̀ á yí padà? Bí kò bá sí, ọ̀ṣọ́ ara ìwé lásán ni tíọ́rì náà jẹ́, olùdánwò sì ti mọ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe kí ọjọ́ tó pé ni pé kí ẹ ya tébù kan sójú ewé kan: èrò kọ̀ọ̀kan nínú tíọ́rì, nọ́ńbà ìbéèrè tó wọ̀n ọ́n, ohun tí ẹ rí, àti ohun tí ìyẹn sọ padà fún tíọ́rì náà. Òpó ìkẹrin yìí ló máa ń ṣófo. Ẹ kún un, kódà bó jẹ́ “tíọ́rì náà kò rí èyí” lẹ máa kọ.

Kí ló dé tó jẹ́ 15?

Àwọn tó ti ẹ̀kọ́ oníṣirò wá máa ń bínú sí nọ́ńbà yìí, ẹ má bá wọn jà lórí bó ṣe kéré tó. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í ṣojú gbogbo ọjà, ó ń wá oríṣi ìdí tó wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n lè fi mú yín ni bí ẹ ṣe mọ̀ pé ó tó. Ọ̀pọ̀ á ní “ọ̀rọ̀ tuntun kò yọ mọ́”, èrò tí Glaser àti Strauss gbé jáde ní 1967, láìfi ẹ̀rí kankan hàn. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ to ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà bí ẹ ṣe ṣe wọ́n tẹ̀ léra, kí ẹ kọ iye kókó tuntun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wá. Bí ìkẹtàlá, ìkẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún kò bá mú nǹkan tuntun wá, ẹ̀rí yín nìyẹn. Bí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ṣì mú mẹ́ta wá, ẹ sọ pé àkókò tàbí owó ló dá yín dúró, ẹ má pè é ní ohun tó tó.

Wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí iṣẹ́ Guest, Bunce àti Johnson ti 2006 pé 12 ti tó. Obìnrin 60 ní Gánà àti Nàìjíríà ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ọ̀pọ̀ kókó sì ti jáde nínú 12 àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà jọra gan-an, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bi gbogbo wọn. Bí àwọn 15 tiyín bá jẹ́ ọjà mẹ́rin, ọkùnrin àti obìnrin, onísọ́ọ̀bù àti aláte, iye tó kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè máà ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ẹ má lo nọ́ńbà yẹn bí ààbò bí ẹ ò bá lè sọ ìyàtọ̀ yìí.

Láti orí bébà dé ẹnu

Ìdáhùn tó dára nínú ìwé àjákọ lè di wótowòto lẹ́nu. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ fi gbólóhùn kan dáhùn ìbéèrè gan-an, ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e sọ ìdí, lẹ́yìn náà ibi tí agbára ìpinnu náà mọ, lẹ́yìn náà ojú ewé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn tíọ́rì láti ilẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sì gbàgbé ohun tí wọ́n bi í.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ ṣe fáífà àfidánrawò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó mọ ẹ̀ka yín, ìkejì pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá, torí ẹni yìí ló máa bi yín pé “kí ló dé tó fi jẹ́ ọjà mẹ́rin yẹn?” Ẹ fún wọn ní ìwé náà, ẹ má fún wọn ní ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ wà, ìgbìmọ̀ lè pọ̀, olùdánwò láti yunifásítì mìíràn ló sábà máa ń gbé àwọn ìbéèrè tó wúwo wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ojú. Ní Bìrìtéènì, olùdánwò méjì ló wọ́pọ̀, ọ̀kan láti inú ilé, ọ̀kan láti ìta, ilẹ̀kùn á wà ní títì, bí alábòójútó bá sì jókòó síbẹ̀, kì í dá sí i. Níbẹ̀, wọ́n lè dúró lórí ìpinnu kan ṣoṣo fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi ìyẹn dánra wò: kí ẹni náà máa bi yín ní “kí ló dé?” lórí 381 títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu yín, kí ẹ lè mọ ibi tó ti ń tán.

Ẹ ka àwọn iṣẹ́ tí olùdánwò yín ti tẹ̀ jáde, méjì tàbí mẹ́ta tó jọ mọ́ tiyín. Kì í ṣe kí ẹ lè fi orúkọ rẹ̀ yìn ín. Ẹ wo irú ìlànà tó ń lò. Ẹni tó ń lo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìkan á dúró lórí 15. Ẹni tó ń lo ìṣirò á dúró lórí 381.

Ní ọjọ́ náà, ẹ mú ẹ̀dà iṣẹ́ yín tí ojú ewé rẹ̀ bá ti àwọn olùdánwò mu, pẹ̀lú bébà kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ìpinnu ńlá wà, tébù tíọ́rì, àti àwọn álífà. Bí ìbéèrè tí ẹ kò ronú kàn bá dé, ẹ lè ní “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ná,” kí ẹ kọ ọ́ lóòótọ́, kí ẹ wá bi ara yín nínú ọkàn bóyá ohun tí mo yàn ló ń béèrè, àbí ohun tí mo fi sílẹ̀, àbí ohun tó ná mi. Bí ohun tí wọ́n ń sọ bá tọ̀nà, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ bó ṣe kan àbájáde àti bó ṣe kù díẹ̀ tàbí púpọ̀, kí ẹ má tún máa tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Bí kò bá tọ̀nà, ẹ fi ojú ewé hàn wọ́n. Gbogbo àtúnṣe tí wọ́n bá dárúkọ, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́, torí ìròyìn tí wọ́n máa fún yín lẹ́yìn náà lè gé ọ̀rọ̀ kúrú, ẹ̀yin lẹ sì máa tò ó padà fún wọn ní kókó kọ̀ọ̀kan.